Bí a ṣe ń ya mikirokọntirólà sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀lẹ́ tó ń tan pọ́ǹpù omi

Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé wá bá mi jù lọ ní Kétu ni ti pọ́ǹpù tó ń fa omi láti inú fọ́ráàjì sínú táǹkì. Onílé fẹ́ kí pọ́ǹpù máa tan fúnra rẹ̀ bí omi bá lọ sílẹ̀, kí ó sì máa kú bí táǹkì bá kún. Mikirokọntirólà kékeré kan, irú ATmega328P tó wà lórí pátákó Arduino Uno, tó iṣẹ́ náà ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò yẹ kó gbé ju nǹkan bíi mílíáńpíà 20 lọ, bó bá sì ti di 40, ó ti dé òpin ohun tí ó lè fara dà. Pọ́ǹpù oníwáàtì 750 ní tirẹ̀ ń fa nǹkan bí áńpíà 5 láti ara iná fólítì 230, nígbà tí ó bá sì ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà iye yẹn fún ìgbà díẹ̀. Rẹ̀lẹ́, ìyẹn súìṣì tí iná kékeré ń tan, ló ń dúró láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀nà tí a ó sì gbà mú un gbọ́ràn láìjẹ́ kí wàhálà tirẹ̀ padà dé ọ̀dọ̀ mikirokọntirólà ni ọ̀rọ̀ wa níbí.

Èyí àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò dára. Mo ra pátákó rẹ̀lẹ́ aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n ti to ohun gbogbo sí, tí ọpitokúpúlà, ìyẹn ohun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àṣẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, sì wà lórí rẹ̀, mo so ó mọ́ mikirokọntirólà bí mo ṣe rí i nínú àwòrán, mo sì gbà pé ìyàsọ́tọ̀ ti wà. Ọjọ́ kẹta ni onílé pè mí pé táǹkì gbẹ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí i pé ní gbogbo ìgbà tí pọ́ǹpù bá kú, mikirokọntirólà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn á sì dákẹ́ pátápátá láìdáhùn mọ́. Ọpitokúpúlà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ya nǹkan kan sọ́tọ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ ń mu iná láti orísun kan ṣoṣo, máàsì wọn, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ nẹ́gátíìfù iná wọn, sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ohun tí ń kọjá láti ara rẹ̀lẹ́ padà sẹ́yìn

Ọ̀nà méjì ni wàhálà ń gbà, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ohun tó ń dí ọ̀kan kò dí èkejì.

Èkínní ń bọ̀ láti inú kọ́ìlì rẹ̀lẹ́, ìyẹn wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé mọ́ irin, tó ń di mágínẹ́ẹ̀tì nígbà tí iná bá gbà á kọjá. Iná tó ń sáré nínú kọ́ìlì kì í fẹ́ dúró lójijì. Bí tiransísítọ̀ bá gé e, kọ́ìlì á gbé fólítì rẹ̀ sókè títí iná náà yóò fi rí ọ̀nà gbà, kódà bí ó bá jẹ́ pé àárín tiransísítọ̀ gan-an ni yóò là kọjá. Fólítì náà lè wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, bẹ́ẹ̀ ni tiransísítọ̀ BC337 tí a ó lò kò lè fara da ju fólítì 45 lọ. Díyọ́ọ̀dù ìdáàbòbò la fi ń yanjú èyí.

Èkejì ń bọ̀ láti ibi tí kọ́ńtáàtì rẹ̀lẹ́, ìyẹn irin méjì tí iná pọ́ǹpù ń gbà kọjá, ti ń yà kúrò lára ara wọn. Pọ́ǹpù náà ní wáyà wíwé nínú tirẹ̀, nítorí náà nígbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣí, iná á fò láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ta, fólítì ibẹ̀ á sì máa lọ sókè sódò pẹ̀lú agbára ńlá ní àkókò kúkurú gan-an. Kọ́ńtáàtì àti kọ́ìlì sún mọ́ra nínú àpò rẹ̀lẹ́, àlàfo tó wà láàárín wọn sì ń ṣe bíi kapásítọ̀ kékeré, débi pé díẹ̀ nínú ẹ̀ta yìí ń kọjá sínú kọ́ìlì, láti ibẹ̀ lọ sínú máàsì. Bí máàsì yẹn bá jẹ́ ti mikirokọntirólà pẹ̀lú, ó ti dé ibi tí a kò fẹ́. Ọpitokúpúlà ló ń dí ọ̀nà yìí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú. Kì í ṣe ọpitokúpúlà ló kọ́kọ́ ń ya iná fólítì 230 kúrò lára mikirokọntirólà, nítorí rẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀: kò sí wáyà kankan tó so kọ́ìlì pọ̀ mọ́ kọ́ńtáàtì. Ògiri kejì ni ọpitokúpúlà jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́ sì ni láti dí ariwo iná náà. Bí ògiri àkọ́kọ́ bá wó lọ́jọ́ kan, bóyá nítorí pé omi wọ inú àpótí tàbí pé rẹ̀lẹ́ jóná, ìgbà yẹn ni ògiri kejì yóò gba ẹrù náà.

Ohun tí a ó rà, àti ìṣirò rẹ̀

Rẹ̀lẹ́ tí mo ń lò fún irú pọ́ǹpù yìí ni SLA-12VDC-SL-A, tí wọ́n kọ áńpíà 30 sí lára. Kọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ óòmù 155, nítorí náà lábẹ́ fólítì 12 ó ń fa nǹkan bíi mílíáńpíà 77. Àwọn rẹ̀lẹ́ búlúù kéékèèké tí wọ́n kọ áńpíà 10 sí kò yẹ fún un, nítorí pé ìgbéra pọ́ǹpù máa ń lẹ kọ́ńtáàtì wọn pọ̀, rẹ̀lẹ́ tí kọ́ńtáàtì rẹ̀ bá sì ti lẹ̀ kò ní í pa pọ́ǹpù mọ́, ohunkóhun tí mikirokọntirólà ìbáà wí. Bí pọ́ǹpù bá tóbi ju èyí lọ, kí rẹ̀lẹ́ má tan án tààrà. Kí ó tan kọ́ìlì kọntákítọ̀, ìyẹn rẹ̀lẹ́ ńlá, kí kọntákítọ̀ sì gbé pọ́ǹpù.

Ọpitokúpúlà náà ni PC817, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ lè rà á, ẹ sì lè tú u lára pátákó tẹlifíṣọ̀n tàbí ṣájà àtijọ́ tó ti bàjẹ́, nítorí pé irú rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú wọn. Díyọ́ọ̀dù kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí wà láàárín ẹsẹ̀ kìíní àti ìkejì; tiransísítọ̀ tó ń rí ìmọ́lẹ̀ náà wà láàárín ẹsẹ̀ kẹrin, tí í ṣe kọlẹ́kítọ̀, àti ẹ̀kẹta, tí í ṣe ẹ̀mítà. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kọjá láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣíṣe rẹ̀ sì lè fara da fólítì 5000 fún ìṣẹ́jú kan láìjẹ́ kí iná là á kọjá.

PC817 fúnra rẹ̀ kò lè gbé kọ́ìlì yìí, nítorí mílíáńpíà 50 ni òpin rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fi BC337 kún un. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀. BC337 gbọ́dọ̀ gbé mílíáńpíà 77, a sì fẹ́ kí ó ṣí tán pátápátá kí ó má baà gbóná, nítorí náà a ó fún bésì rẹ̀ ní ju ohun tí ó nílò gan-an lọ. Rẹsísítọ̀ kílóòmù 4.7 láti ẹsẹ̀ kẹta PC817 sí bésì yóò jẹ́ kí nǹkan bíi mílíáńpíà 2.4 wọlé, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n iná kọ́ìlì, ó sì tó. Ẹ̀yìn èyí la wá ń bi PC817 léèrè bóyá ó lè pèsè 2.4 yẹn. Èyí tó rọ jù nínú irú rẹ̀ ń dá ìdajì iná tó wọ díyọ́ọ̀dù rẹ̀ padà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí a bá fún un ní mílíáńpíà 5.6, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 2.8, ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀ fún wa.

Díyọ́ọ̀dù inú PC817 ń jẹ nǹkan bíi fólítì 1.2, nítorí náà:

```
R = (5 - 1.2) / 0.0056 = 679
```

Óòmù 680 la ó rà. Bí mikirokọntirólà yín bá jẹ́ onífólítì 3.3, irú ESP32, óòmù 330 ni yóò fún yín ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba.

Ohun tó kù ni rẹsísítọ̀ kílóòmù 10 kan, díyọ́ọ̀dù 1N4007 kan, àti orísun iná méjì: ṣájà fóònù onífólítì 5 fún mikirokọntirólà, àti adápítọ̀ onífólítì 12 tó ní tiransifọ́mà tirẹ̀ fún rẹ̀lẹ́.

Títò ó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín pátákó. Ẹ fi PC817 sí i kí ẹsẹ̀ kìíní àti ìkejì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ̀kẹta àti ìkẹrin kọjú sí èkejì, kí ẹ sì fi kálámù fa ìlà kan gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá láti etí pátákó kan dé ìkejì. Láti ìsinsìnyí lọ, kò gbọdọ̀ sí wáyà, òjé tàbí bàbà kankan tó máa ré ìlà yìí kọjá. Bí pátákó yín bá ní ojú bàbà lábẹ́ PC817, ẹ fi ọ̀bẹ ha á kúrò.

Ní ẹ̀gbẹ́ mikirokọntirólà, ẹ so ẹsẹ̀ 7 ti Arduino mọ́ rẹsísítọ̀ 680, kí rẹsísítọ̀ wọ ẹsẹ̀ kìíní PC817, kí ẹsẹ̀ kejì sì lọ sí GND, ìyẹn máàsì, Arduino. Gbogbo ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yìí nìyẹn. Mo fẹ́ràn kí iná gòkè ni rẹ̀lẹ́ fi ń tan, kì í ṣe kí iná sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé nígbà tí mikirokọntirólà bá ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tíì sọ nǹkan kan. Bí a bá tò ó báyìí, àìsọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí pé pọ́ǹpù kú.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹsẹ̀ kẹrin PC817 lọ sí pósítíìfù fólítì 12. Ẹsẹ̀ kẹta gba rẹsísítọ̀ 4.7 kọjá lọ sí bésì BC337. Rẹsísítọ̀ 10 wà láàárín bésì yẹn àti nẹ́gátíìfù fólítì 12, kí iná díẹ̀ tó ń jò nínú PC817 nígbà ooru má baà ṣí tiransísítọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀mítà BC337 lọ sí nẹ́gátíìfù, kọ́ìlì rẹ̀lẹ́ sì wà láàárín pósítíìfù àti kọlẹ́kítọ̀. Ètò ẹsẹ̀ BC337 yàtọ̀ sí ti àwọn tiransísítọ̀ kan tó jọ ọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi mítà wá bésì rẹ̀ kí ẹ tó fi òjé lẹ̀ ẹ́.

Díyọ́ọ̀dù 1N4007 wá tẹ̀ lé e, kí ó sún mọ́ ẹsẹ̀ kọ́ìlì gan-an. Ìlà funfun tàbí ti fàdákà tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí pósítíìfù, ẹsẹ̀ kejì sì lọ sí kọlẹ́kítọ̀. Nígbà tí rẹ̀lẹ́ bá wà ní títàn, díyọ́ọ̀dù yìí ti ara rẹ̀ pa, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Nígbà tí tiransísítọ̀ bá gé iná, ó ṣílẹ̀kùn, mílíáńpíà 77 yẹn sì ń yí po láàárín rẹ̀ àti kọ́ìlì títí yóò fi tán, fólítì orí kọlẹ́kítọ̀ kì í sì í kọjá nǹkan bíi 12.7. Bí ẹ bá fi í sí i ní òdì, títàn àkọ́kọ́ ni yóò so pósítíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù tààrà, BC337 ló sì máa ń jóná.

Díyọ́ọ̀dù yìí ní ìnáwó kékeré kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí iná kọ́ìlì ṣe ń tán díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀lẹ́ ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jáwọ́, kọ́ńtáàtì rẹ̀ sì ń yà lọ́ra, èyí tó ń fa ẹ̀ta gùn. Fún pọ́ǹpù tó ń kú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀mẹta lójúmọ́, mi ò kà á sí. Bí ẹ̀rọ yín bá ń tan tó ń kú lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ so díyọ́ọ̀dù síńnà onífólítì 24 mọ́ 1N4007 yẹn lẹ́yìn ara wọn, kí síńnà náà kọjú sí òdì kejì rẹ̀. Fólítì yóò gòkè dé nǹkan bíi 37, tí BC337 ṣì lè fara dà, iná kọ́ìlì á sì tètè tán.

Ẹ̀gbẹ́ fólítì 230 kẹ́yìn. Ẹ pa díjọ́ńtọ̀, kí ẹ sì fi mítà wò ó pé iná ti lọ lóòótọ́. Fáàsì la ń gba rẹ̀lẹ́ kọjá, kì í ṣe nútírà. Ẹ lo wáyà tó nípọn tó 2.5 mm², kí ẹ sì fi àlàfo mílímítà 8 ó kéré tán sí àárín ohunkóhun tó jẹ́ ti 230 àti ohunkóhun tó jẹ́ ti 12. Ẹ má ṣe ka díyọ́ọ̀dù sí nǹkan tí a lè so mọ́ pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, nítorí iná aláyípadà ni tirẹ̀, díyọ́ọ̀dù yóò sì jóná lójú ẹsẹ̀.

Ìdánwò kí pọ́ǹpù tó dé

Kí ẹ tó fi iná sí nǹkan kan, ẹ yí mítà sí ìwọ̀n óòmù, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan kan GND Arduino, kí èkejì kan nẹ́gátíìfù fólítì 12. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí ọ̀nà rárá. Bí nọ́ńbà kankan bá jáde, ohun kan ti ré ìlà yín kọjá, iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi rí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ṣájà méjèèjì sínú iná, mítà lè máa fi fólítì aláyípadà kan hàn láàárín máàsì méjèèjì. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù yín. Ó sábà máa ń wá láti inú àwọn kapásítọ̀ kékeré tí wọ́n fi sínú ṣájà, kò sì lágbára.

Ẹ wá fi ètò yìí sínú Arduino, láìtíì so pọ́ǹpù mọ́ ọn:

```cpp
const int PIN_OPTO = 7;

void setup() {
  digitalWrite(PIN_OPTO, LOW);
  pinMode(PIN_OPTO, OUTPUT);
}

void loop() {
  digitalWrite(PIN_OPTO, HIGH);
  delay(5000);
  digitalWrite(PIN_OPTO, LOW);
  delay(5000);
}
```

Ẹ óò máa gbọ́ ìró rẹ̀lẹ́. Nígbà tó bá tan, mítà gbọ́dọ̀ rí nǹkan bíi 1.2 láàárín ẹsẹ̀ kìíní àti ìkejì PC817, àti ohun tí kò tó 0.3 láàárín kọlẹ́kítọ̀ àti ẹ̀mítà BC337. Bí èyí tó kẹ́yìn bá jẹ́ fólítì 2 tàbí 3, tiransísítọ̀ kò ṣí tán, rẹ̀lẹ́ yóò sì máa gbọ̀n; ẹ yẹ PC817 wò, nítorí èyí tí a tú lára pátákó àtijọ́ lè ti rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ètò ìdánwò yìí tan pọ́ǹpù, nítorí ìgbéra ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yóò ba mọ́tò rẹ̀ jẹ́.

Bí mikirokọntirólà bá ṣì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun

Ìdánwò kan ṣoṣo ló ń sọ ibi tí ẹ óò wò. Ẹ yọ pọ́ǹpù kúrò, kí rẹ̀lẹ́ máa dún lásán. Bí mikirokọntirólà bá ṣì ń dúró lójijì, ọ̀dọ̀ kọ́ìlì ni wàhálà wà: díyọ́ọ̀dù ti já, òjé rẹ̀ kò mú, tàbí máàsì méjèèjì ṣì pàdé níbì kan. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí pọ́ǹpù wà lára rẹ̀ nìkan ni, kọ́ìlì kò lẹ́bi; ẹ̀ta kọ́ńtáàtì ni. Kapásítọ̀ 100 nF onífólítì 275, irú èyí tí wọ́n kọ X2 sí lára, tí ẹ so rẹsísítọ̀ óòmù 100 oníwáàtì kan mọ́ lẹ́yìn ara wọn, ni ẹ óò so sáàárín fáàsì àti nútírà pọ́ǹpù lẹ́yìn rẹ̀lẹ́. Àwọn kan máa ń so ó sórí kọ́ńtáàtì, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mílíáńpíà 7 yóò máa gba ibẹ̀ kọjá lọ sí pọ́ǹpù kódà nígbà tí rẹ̀lẹ́ bá ti kú, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn wáyà náà yóò mọ̀ ọ́n lára. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo wáyà tó ń bọ̀ láti ara lílefòó inú táǹkì pẹ̀lú, ìyẹn ohun tó ń sọ fún mikirokọntirólà pé omi ti kún. Ẹ̀gbẹ́ mikirokọntirólà ló wà, síbẹ̀ àwọn oníṣẹ́ ń fi í sínú ọ̀pá kan náà pẹ̀lú wáyà pọ́ǹpù, ariwo tí PC817 dí ní iwájú á sì gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ fún un ní ọ̀pá tirẹ̀.

Ní ti pátákó búlúù tó kọ́kọ́ dà mí láàmú, n kò sọ ọ́ nù. Òòrùka ṣíṣí kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó so VCC, tó ń fún ọpitokúpúlà ní iná, pọ̀ mọ́ JD-VCC, tó ń fún kọ́ìlì rẹ̀lẹ́ ní iná. Mo yọ ọ́. Mo mú wáyà fólítì 5 ti Arduino lọ sí VCC, ẹsẹ̀ àṣẹ lọ sí IN1, mo sì yọ wáyà GND Arduino kúrò lára pátákó náà pátápátá, nítorí pé láàárín VCC àti IN1 ni díyọ́ọ̀dù ọpitokúpúlà rẹ̀ wà, kò nílò máàsì wa. Ṣájà fólítì 5 kejì ni mo wá so mọ́ JD-VCC àti GND rẹ̀. Ní irú pátákó yìí, IN1 tó sọ̀ kalẹ̀ ló ń tan rẹ̀lẹ́, nítorí náà nínú ètò, mo kọ HIGH síwájú `pinMode`. Rẹ̀lẹ́ áńpíà 10 rẹ̀ kò gbé pọ́ǹpù mọ́. Kọ́ìlì kọntákítọ̀ ló ń tan, kapásítọ̀ àti rẹsísítọ̀ yẹn sì wà lórí kọ́ìlì kọntákítọ̀ náà. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fi ọwọ́ gbé lílefòó sókè sódò, mo sì rí i pé pọ́ǹpù kú nígbà ogún, tí mikirokọntirólà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́tun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.